Ìbéèrè Kan Ṣoṣo: Bí A Ṣe Ń Béèrè Iṣẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí Kò Mọ̀ Wá lórí LinkedIn

Àpótí ìkọ̀wé tí LinkedIn ń ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ kò fẹ̀ rárá. Bí onítọ̀hún kò bá san owó oṣooṣù, àmì 200 ni gbogbo ohun tó lè tẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń sanwó ní 300. Àmì 200 kò ju gbólóhùn kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Síbẹ̀, inú àyè tóóró yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ń wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè bá wọn wá iṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bà jẹ́ mọ́ púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́.

Reid Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá LinkedIn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2002, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2003. Microsoft rà á ní ọdún 2016, bílíọ̀nù 26.2 dọ́là ni wọ́n sì san. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí Facebook tàbí Instagram. Lórí rẹ̀, ìpele mẹ́ta ni ènìyàn lè wà sí ara wọn, a ó sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn bí 1st, 2nd tàbí 3rd. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ti gbà láti bá wa ṣe, òun ni a lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ṣe wù wá. Ẹnì kejì mọ ẹni tí a mọ̀. Bí a bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì tàbí ẹnì kẹta, a ó tẹ Connect, a ó sì fi ọ̀rọ̀ kékeré wa tì í lẹ́yìn, tàbí kí a sanwó fún èyí tí wọ́n ń pè ní InMail.

Ẹni tó bá sì tẹ Connect lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè máa fi ọ̀rọ̀ ti gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fún un lóṣù. Nítorí náà, kí a tó kọ ọ̀kan, ó yẹ kí a ti mọ ẹni tí a ń kọ ọ́ sí àti ohun tí a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń bà jẹ́ ni ìkíni. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá kì í já lu ọ̀rọ̀. Yóò kí àgbà, àgbà yóò dá a lóhùn, wọn yóò béèrè ará ilé lọ́wọ́ ara wọn, lẹ́yìn èyí ni yóò tó sọ ohun tó bá wá. Bí ó ṣe yẹ nìyẹn lójúkojú. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù ni pé ọ̀dọ́ náà yóò kọ “Ẹ káàárọ̀ mà”, yóò fi ránṣẹ́, yóò sì jókòó ti fóònù, ó ń dúró kí wọ́n kí òun padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹni tó gbà á ń rí. Obìnrin tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ṣí àpótí rẹ̀. Lójú ìwé náà, orúkọ ènìyàn ló wà níbẹ̀, àwòrán tó rí roboto, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ẹyọ ìlà kan. Orúkọ tí kò mọ̀ rí, “Ẹ káàárọ̀ mà”. Orúkọ mìíràn, “Ẹ kú iṣẹ́ mà”. Kò mọ̀ bóyá ọjà ni ẹni yìí fẹ́ tà, bóyá iṣẹ́ ló ń wá, bóyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ni, bóyá gbájú-ẹ̀ ni. Bí ó bá dáhùn, yóò tún dúró de ìdáhùn mìíràn kí ó tó mọ ohun tó délẹ̀. Ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Yóò kọjá, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó gbéraga. Kò sí ìbéèrè kankan nílẹ̀ tó lè dáhùn ni.

Kò sẹ́ni tó ní kí a má kí ènìyàn. Kí ìkíni àti ọ̀rọ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà tún ní láti ṣọ́ra fún bọ́tìnì Enter, nítorí ètò kan wà lórí LinkedIn tó jẹ́ pé bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó kọ ìkíni, tó fẹ́ bọ́ sí ìlà kejì, tó wá tẹ Enter, ìkíni rẹ̀ nìkan ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. A lè yí ètò yìí padà kí ọ̀rọ̀ má lọ àfi bí a bá tẹ Send. Ó sàn jù kí a kọ gbogbo rẹ̀ síbòmíràn, kí a kà á dáadáa, kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí náà.

Àṣìṣe kejì tóbi ju ti ìkíni lọ, òun ni pé kí a máa tọrọ iṣẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, mo lè ṣe é.” Àánú ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń wá, ẹni tó kọ ọ́ sì lè wà nínú ìṣòro tó dájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò ní iṣẹ́ nínú àpò. Ipò kan tàbí méjì ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, olúkúlùkù sì ní ohun tí wọ́n ń béèrè fún un. Bí ẹnì kan bá ní òun lè ṣe ohun gbogbo, òun ni yóò wá jókòó ro ibi tí yóò fi onítọ̀hún sí. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìyẹn fún àlejò.

Ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré lè ṣe ni pé kó béèrè ohun kan ṣoṣo tí ìpolówó iṣẹ́ kò dáhùn, tí ẹni tó gbà á sì lè fèsì rẹ̀ ní ìlà kan láìdìde lórí àga. Ṣé àyè náà ṣì ṣí? Ṣé Èkó ni iṣẹ́ náà wà àbí Ìbàdàn, nítorí ìpolówó dárúkọ méjèèjì? Ṣé ẹni tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n dárúkọ lè forúkọ sílẹ̀? Ìbéèrè báyìí kò gba ẹni tó gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó sì ń jẹ́ kí ó rí i pé onítọ̀hún ka ìpolówó náà tán.

Ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Bọ́láńlé. Ìbàdàn ló ń gbé. Ó ti ṣe ọdún mẹ́ta ní ọ́fíìsì akápò ilé-ìwé kan, ó sì ń ṣe ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà. Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò náà ní: Foundation, Skills àti Professional. Ó ti yege méjì àkọ́kọ́. Ó wá rí ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ní Àgbárá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn: wọ́n ń wá oníṣirò owó tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, tó sì ní ICAN. Ibi tó ká a lọ́wọ́ kò nìyẹn. Ọdún iṣẹ́ rẹ̀ pé, ó tilẹ̀ lé. Ìwé ẹ̀rí ló kù díẹ̀ káàtó.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn láti kọ ni pé orúkọ òun ni báyìí, òun jáde ní yunifásítì báyìí, òun sin ilẹ̀ baba òun tán, òun jẹ́ olóòótọ́ àti aláápọn ènìyàn, òun lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira, inú òun yóò sì dùn bí wọ́n bá lè ro ti òun. Ó gùn tó ojú ìwé kan. Àpótí náà kò gbà á. Bí ó bá tilẹ̀ gbà á, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn kò lè kọ. Gbogbo wa la jẹ́ aláápọn nígbà tí a bá ń wá iṣẹ́.

Ó wá gé e kù. Ó yọ ìtàn ara rẹ̀ kúrò, torí ìyẹn wà lójú ìwé rẹ̀ tí wọ́n lè tẹ̀ kí wọ́n kà. Ó yọ ìwà rere kúrò, nítorí ẹnu ara ẹni kì í jẹ́rìí síyẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù rèé:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Mo rí ìpolówó yín fún oníṣirò owó ní Àgbárá. Ẹ béèrè ICAN. Mo ti yege ìpele 2 nínú 3, mo sì ti ṣiṣẹ́ ọdún 3. Ṣé mo lè forúkọ sílẹ̀? Ẹ ṣé.”

Kò tó àmì 200. Ẹ wò ó bí ó ṣe tò ó. Ìkíni wà níbẹ̀, kò sì gba àyè. Orúkọ iṣẹ́ àti ibi tí iṣẹ́ wà tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, nítorí ìpolówó mélòó kan lè wà lọ́wọ́ obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ ohun tí kò tíì ní, kò fi pamọ́, ó sì gbé ohun tó ní lé e. Ìbéèrè ló wá gbẹ̀yìn, “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” sì tó láti dáhùn rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n ṣàánú òun, kò sì fi ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè rẹ̀.

Ta ló yẹ kó kọ ọ́ sí? Nígbà mìíràn, LinkedIn máa ń fi orúkọ ẹni tó gbé ìpolówó síta hàn lábẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹni náà ni ìbéèrè bíi ti Bọ́láńlé tọ́ sí, torí òun ló mọ ohun tí wọ́n lè fojú fò àti ohun tí wọn kò lè fojú fò. Bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka tí iṣẹ́ náà wà ló kàn: ọ̀gá àwọn oníṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ náà. Kíkọ̀wé sí olùdarí àgbà pátápátá kì í ṣe ọgbọ́n, nítorí kì í ṣe òun ló ń ka ìwé àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ní ti bí a ṣe ń pe ènìyàn, “mà” àti “sà” kò bu ẹnikẹ́ni kù ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Bí ìwé náà bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Tòróńtò, orúkọ ẹni náà ni kí a pè, kí a sì kọ ọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́.

Ẹnì kẹta tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í ro ti rẹ̀: òṣìṣẹ́ lásán ní ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tí a mọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ìwádìí nídìí. Ní ọdún 1973, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Ó lọ bá àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó bi àwọn tó jẹ́ pé ènìyàn ló ta wọ́n lólobó léèrè bí wọ́n ṣe máa ń rí ẹni náà sí. Àwọn tó ń rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún. Èyí tó pọ̀ jù ni àwọn tó máa ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kan kì í sì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àlàyé rẹ̀ kò le: ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ wa gbọ́ ni àwa náà gbọ́, nítorí àyíká kan náà la jọ wà. Ẹni tí a mọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ló ń gbé ìròyìn wá láti àyíká mìíràn.

Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí láti MIT, Harvard, Stanford àti LinkedIn fúnra rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ó lé ní ogún mílíọ̀nù ènìyàn lórí LinkedIn tí wọ́n wò fún ọdún márùn-ún. Wọ́n ń yí ètò tó ń dábàá “àwọn tí ẹ lè mọ̀” padà fún àwọn kan, kí wọ́n lè rí ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀rọ̀ Granovetter dúró, àmọ́ wọ́n ṣàlàyé kún un. Ẹni tí a kò mọ̀ rárá kọ́ ló ranni lọ́wọ́ jù, ẹni tí a mọ̀ níwọ̀nba ni. Wọ́n tún rí i pé níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ ni èyí ti lágbára jù. Níbi tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ àti ìbátan tímọ́tímọ́ ló wúlò jù.

Fún Bọ́láńlé, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tí wọ́n jọ wà ní àgọ́ NYSC fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, lè wúlò fún un ju àbúrò ìyá rẹ̀ lọ. Kó tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ Àgbárá náà sínú àwárí, kó wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó wo ẹni tí wọ́n jọ lọ ilé-ìwé kan náà tàbí tí wọ́n jọ mọ ẹnì kan. Ìbéèrè tí yóò bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kó má ní kí ó bá òun sọ ọ́ fún ọ̀gá. Kó bi í pé báwo ni iṣẹ́ ṣe rí ní ẹ̀ka ìṣirò owó níbẹ̀, àti pé ta ni òun lè bi ní ìbéèrè kan nípa ICAN. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, òṣìṣẹ́ lè fi orúkọ ẹni tó mọ̀ sílẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń fún un lówó bí wọ́n bá gba ẹni náà. Bí ó bá fẹ́ ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá a lábàá.

InMail ńkọ́? Ẹni tó bá san owó Premium Career ń gba márùn-ún lóṣù, ó sì lè fi wọ́n kọ̀wé sí ẹni tí kò mọ̀ rárá. Àpótí rẹ̀ fẹ̀ gan-an, ó ń gba àmì tó sún mọ́ 2,000. Ètò kan wà níbẹ̀ tó dára kí a mọ̀: bí ẹni tí a kọ ọ́ sí bá fèsì láàárín 90 ọjọ́, wọn yóò dá InMail náà padà fún wa láti tún lò. Bí kò bá fèsì, ó ti wọlé nìyẹn. Fífẹ̀ àpótí náà kì í sì í ṣe àǹfààní tó bí a ṣe rò. LinkedIn ṣàyẹ̀wò InMail tí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ń kọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tí kò tó àmì 400 ń rí èsì ju bó ṣe máa ń rí lọ, ní ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ni wọ́n wò, kì í ṣe àwọn tó ń wá iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ènìyàn fi ń ka ìwé.

Lẹ́yìn tí Bọ́láńlé bá ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó dúpẹ́ ní ìlà kan, kó sì lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí ìpolówó ní kí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an bó bá ṣeé ṣe. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ìwé ìwáṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti rí “bẹ́ẹ̀ ni” gbà tó wá rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, tí orúkọ wọn kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ rárá nígbà tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n sì lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyẹn náà wúlò, ó gbà á lọ́wọ́ wàhálà, ó sì lè béèrè pé kí wọ́n rántí òun bí òun bá parí ìpele kẹta.

Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n má sọ nǹkan kan. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń ba ènìyàn nínú jẹ́ jù. Bí ẹni náà bá ti gbà á sí ẹni àkọ́kọ́, kó dúró tó ọ̀sẹ̀ kan, kó rán an létí lẹ́ẹ̀kan ní ìlà méjì, kó wá fi í sílẹ̀. Ìránnilétí ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í mú èsì wá. Ó ń mú kí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ènìyàn. Bí ẹni náà kò bá tíì gba ìbéèrè rẹ̀, ó lè fà á padà, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí LinkedIn tó lè jẹ́ kó tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹni kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ṣe àṣìṣe nínú ohun tó kọ sí ẹni àkọ́kọ́, bóyá ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn síbẹ̀, ó ní wákàtí kan láti tún un ṣe tàbí láti pa á rẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, kó máa forúkọ sílẹ̀ lọ. Ìpolówó kì í dúró de èsì ẹnikẹ́ni.

Ìdáhùn tó yá jù ló yẹ kí a fura sí. Bí ẹnì kan bá fèsì lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ ti jẹ́ tìrẹ, láìbi ọ́ ní ìbéèrè kan, tó ní kí ẹ bọ́ sí WhatsApp tàbí Telegram, tó wá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, owó àyẹ̀wò ìlera tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, gbájú-ẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ gidi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ máa sanwó fún. Ẹ wo àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀: ṣé ti ilé-iṣẹ́ ni, àbí Gmail lásán? Ẹ wo ojú ìwé rẹ̀: ìgbà wo ló ṣí i, ènìyàn mélòó ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà wà lára wọn? Ẹ lọ wo ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bóyá iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Nọ́ḿbà BVN àti NIN kì í ṣe ohun tí a ń kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni kí a tó rí ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó wà ní apá kejì, àwọn tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí ń dé ọ̀dọ̀ wọn. A mọ̀ pé wọ́n pọ̀, a sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ní èsì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ka ìpolówó yín tán, tó béèrè ohun kan ṣoṣo, tó sì béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn. “A ti gba ènìyàn” tó. “Ẹ forúkọ sílẹ̀” tó. Bí àyè náà bá sì ti kún, ẹ yọ ìpolówó rẹ̀ kúrò lójú ọjọ́ kan náà, kí àwọn mìíràn má baà máa kọ̀wé béèrè iṣẹ́ tí kò sí mọ́.